Kíka ìròyìn Haúsá láì ṣí atúmọ̀ èdè: bí a ṣe ṣe é nílé wa ní Ìlọrin

Àlùbọ́sà ni mò ń tà ní ọjà Ìpàta. Ẹnu àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá láti òkè Ọya ni mo ti kọ́ Haúsá, ó sì pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹni tó gbọ́ Haúsá ọjà, tó lè nájà, tó lè sọ ohun tó ṣe lánàá àti ohun tó máa ṣe lọ́la, lè rò pé òun ti dé ibì kan. Ẹ wá gbé ìròyìn sí i lọ́wọ́. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan á tó kó gbogbo ìgboyà rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó jókòó ti fóònù, ó ń ka ọ̀rọ̀ kan, ó ń sá lọ sínú atúmọ̀ èdè, ó ń padà. Nígbà tó yá, ó ní, "Àǹtí, kí n tó padà dé, mo ti gbàgbé ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀." Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀, kó lọ mú bébà àti pẹ́ńsù wá. Ohun tá a ṣe lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí.

Ìròyìn tí ẹ máa kọ́kọ́ mú ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ mú èyí tí ẹ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ lédè Yorùbá tẹ́lẹ̀, bóyá lórí rédíò tàbí lẹ́nu èèyàn. Lọ́dún 2000, Hu àti Nation ṣe ìwádìí kan lórí àwọn tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé ó yẹ kí èèyàn mọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 98 nínú 100 kí ohun tó ń kà tó lè yé e dáadáa láìsí ìrànlọ́wọ́. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ àjèjì kan ṣoṣo nínú àádọ́ta. Àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè kò lè rí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lédè Haúsá, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ fún ọmọdé. Ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà ló máa dí àlàfo yẹn. Ìwọ̀n tèmi ni pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ 50 àkọ́kọ́. Bí èyí tí ẹ ò mọ̀ bá ju 8 lọ, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Níbo ni ẹ ti máa rí i? Ẹ̀ka Haúsá ilé-iṣẹ́ BBC, tó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò lọ́dún 1957, ń kọ ìròyìn kéékèèké lójoojúmọ́. Ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo wà pẹ̀lú, láti Sàríà, ọdún 1939 ló ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ síbí, nítorí náà mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìpínrọ̀ kan lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, lọ́nà tí àwọn oníròyìn Haúsá ń gbà kọ tiwọn. Omíyalé tó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri lọ́dún 2024 ni, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ.

> Ambaliyar ruwa ta mamaye unguwanni da dama a Maiduguri, babban birnin jihar Borno, bayan madatsar ruwa ta Alau ta ɓalle. Lamarin ya faru ne a ranar Talata, 10 ga watan Satumba, 2024. Dubban mutane sun bar gidajensu, inda wasu suka nemi mafaka a sansanonin 'yan gudun hijira. Ruwan ya shiga gidan ajiye namun daji, kuma jami'ai sun gargaɗi mazauna birnin cewa ruwan ya yi awon gaba da wasu dabbobi masu haɗari, kamar macizai da kadoji, zuwa cikin unguwanni. Sai dai ba a san adadin mutanen da suka mutu ba tukuna.

Ọmọ yẹn ka 50 àkọ́kọ́, tòun ti nọ́ńbà, ó ní méje ni òun ò mọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì ka gbólóhùn kankan. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wá orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́. Lẹ́tà ńlá á fi Maiduguri, Borno àti Alau hàn yín. Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Talata sì rèé: ẹni tó bá dàgbà ní Ìlọrin ti ń gbọ́ Àtàláátà lẹ́nu àwọn àgbà láti kékeré. Laraba ni Àlàrùbá wa, Alhamis ni Àlàmísì, Jumma'a ni Jímọ̀. Ọmọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń dá ọjọ́ báyìí kò nílò ẹnikẹ́ni láti ka ọjọ́ Haúsá fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ìròyìn omíyalé gbọ́dọ̀ sọ sórí bébà, lédè Yorùbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ báyìí: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, ilé tó bà jẹ́, ibi tí àwọn èèyàn sá lọ, iye àwọn tó kú. Ó dà bí ẹni tó to abọ́ sílẹ̀ kí obẹ̀ tó jinná. Láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀rọ̀ àjèjì kọ̀ọ̀kan ń wá abọ́ tó máa bọ́ sí, kò tún léfòó mọ́.

Ẹ wá kà á látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láì dúró. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ohun tí ẹ ò mọ̀, kí ẹ sì máa lọ. Bí ẹ bá dúró níbi ambaliyar, ẹ ò ní dé ibi ruwan ya shiga, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Nígbà tí ẹ bá padà sókè ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ àjèjì ni iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn, ìtumọ̀ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ohun tó bá tẹ̀ lé ya, ta, sun tàbí suka, iṣẹ́ ni ẹnì kan ṣe níbẹ̀, bí ohun tó ń tẹ̀ lé "ó" àti "wọ́n" lédè tiwa. Ẹ wo mamaye. Ọmọ náà ní òun rò pé irú èèyàn kan ni, nítorí ma- tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Kí ló wà níwájú ẹ̀?" Ó wò ó, ó ní, "Ta ni, Àǹtí." Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Omi kan ti ṣe nǹkan kan sí àwọn ibì kan ní Maiduguri. Bóyá ó bò wọ́n, bóyá ó gbà wọ́n kan, èyíkéyìí nínú méjèèjì tó fún wa. Ambaliyar ruwa náà ti yé wa nìyẹn, torí pé ruwa ni omi, -r tó wà lẹ́yìn ambaliya sì ń sọ fún wa pé "ti" ló wà láàárín wọn: nǹkan kan ti omi. Omi tó bo ìlú, kí ni à ń pè é bí kò bá ṣe omíyalé?

Pàkúté kan wà nínú gbólóhùn yẹn kan náà tó máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Madatsar ruwa ta Alau ta ɓalle. Ta méjì! Èkíní kì í ṣe "ó", "ti" ni, nítorí orúkọ ibì kan ló tẹ̀ lé e, lẹ́tà ńlá ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni "ó". Bí ẹ bá ka méjèèjì bákan náà, ẹ máa wá ohun tí Alau ṣe títí, ẹ ò sì ní rí i.

Mo fẹ́ kí á jókòó díẹ̀ sórí ma- yìí, torí pé kò sí ohun kékeré mìíràn tó ń ṣí ọ̀rọ̀ ìròyìn Haúsá tó o. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di ẹni tó ń ṣe é, bí a- tó wà nínú apẹja: noma ni iṣẹ́ oko, manomi ni àgbẹ̀. Ó lè sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ṣe é: karanta ni kà, makaranta ni ilé-ìwé. Ó sì lè sọ ọ́ di ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe é: buɗe ni ṣí, mabuɗi ni kọ́kọ́rọ́. Ara ọ̀rọ̀ kì í sábà sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbólóhùn ló ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Madatsa: ẹ yọ ma-, ó ku ohun tó jọ datse. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀ mi àìmọye ìgbà, "an datse hanya," wọ́n ti dí ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí àlùbọ́sà kò fi tíì dé. Ohun tí wọ́n fi ń dí omi ni madatsar ruwa, bíi ti Asà Dáàmù tiwa. Bayan tó wà níwájú rẹ̀ ni "lẹ́yìn tí". Omíyalé dé lẹ́yìn tí dáàmù ṣe nǹkan kan. Kí ni dáàmù lè ṣe tí omi á fi bo ìlú? Ó já ni, tàbí ó fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ɓalle ṣe yé wa láìjẹ́ pé a rí i rí.

Mazauna: zauna ni jókòó, òun náà ni wọ́n ń lò fún gbígbé ìlú. Ṣé ibi ni àbí èèyàn? Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni sun gargaɗi, àwọn jami'ai ṣe nǹkan kan sí mazauna, cewa, "pé". Ohun tí èèyàn ń ṣe tí "pé" fi ń tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Wọn kì í bá ilé sọ̀rọ̀, nítorí náà àwọn tó ń gbé ìlú ni. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n sọ, ewu ló wà nínú rẹ̀, torí náà ìkìlọ̀ ni gargaɗi.

Mafaka: èyí le díẹ̀, torí pé ọmọ náà kò mọ ohun tó kù bí a bá yọ ma-. Ó mọ̀ pé sun bar gidajensu ni wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀, suka nemi sì ni wọ́n wá. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ tó ń wá nǹkan, ibi tó máa forí pamọ́ sí ló ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a, "ní", tó ń tọ́ka sí ibì kan, ibẹ̀ sì ni sansanonin 'yan gudun hijira. Gudu ni sá. 'Yan ni ọmọ, òun náà ni wọ́n ń lò fún ẹgbẹ́ àwọn èèyàn kan, bí 'yan sanda ṣe jẹ́ ọlọ́pàá. Híjírà kò nílò àlàyé fún ọmọ ilé kéwú, ìṣílọ Ànábì láti Mẹ́kà sí Mẹ̀dínà ni. Àwọn tó sá kúrò nílùú wọn ni 'yan gudun hijira, sansanoni sì ni ibi tí wọ́n kó wọn jọ sí. Ojú ọmọ náà là. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó gùn jù ló wá rọrùn jù!"

Gbogbo ohun tó jọ tiwa kọ́ ló jẹ́ tiwa ṣá. Ìbátan láàárín Yorùbá àti Haúsá pọ̀, pàápàá níbi tí àwọn méjèèjì ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Lárúbáwá. Wahala ni wàhálà, talaka ni tálákà, amma ni àmọ́, albasa tí mò ń tà ni àlùbọ́sà. Ìyẹn ló sọ mí di aláṣejù lọ́jọ́ kan. Mo ka ìròyìn nípa ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n kọ pé kamfanin ya samu riba mai yawa. Mo pariwo sí aládùúgbò mi ní ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n ti ká ilé-iṣẹ́ ńlá kan mọ́ ibi tó ti ń gba rìbá. Bàbá náà, tó jẹ́ ọmọ Kano, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èrè ni riba lédè tiwọn nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àmì ìkìlọ̀ wà níwájú mi tí mi ò wò: nínú gbogbo ìpínrọ̀ yẹn, wọn ò mú ẹnikẹ́ni, kò sí ilé-ẹjọ́, ọjà títà ni wọ́n ń sọ látòkè délẹ̀. Látìgbà náà, ìjọra ni mo máa ń lò gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí gbólóhùn bá ti sọ tirẹ̀, bí àwọn méjèèjì ò bá sì bára mu, gbólóhùn ni mo ń gbà gbọ́.

Ní gbólóhùn kẹrin, ẹ wá kamar. "Bí" tàbí "irú bíi" ni, ohun tó bá sì tẹ̀ lé e, àpẹẹrẹ ohun tó ṣáájú ni. Dabbobi masu haɗari, kamar macizai da kadoji. Dabbobi ni ẹran, èèyàn tó ń kọjá ní ọjà ẹran mọ̀ ọ́n. Masu ni oní- tiwa, fún ọ̀pọ̀. Ẹranko oní-nǹkan-kan ni, tí wọ́n ní láti kìlọ̀ nípa rẹ̀: ewu ni haɗari. Macizai: ma- wa tún dé, ciza sì ni kí nǹkan géni jẹ. Ohun tó ń géni jẹ, tó léwu: ejò. Ó wá ku kadoji, tí kò ní ma-, tí kò jọ ohunkóhun. A mọ̀ pé ẹranko ni, pé ó léwu, pé inú gidan ajiye namun daji ló wà tẹ́lẹ̀. Namun daji náà dùn mọ́ mi, torí pé bí a ṣe ń pe èyí tó wà nínú obẹ̀ àti èyí tó wà nínú igbó ní ẹran, bẹ́ẹ̀ náà ni nama ṣe rí, daji sì ni igbó. Ilé tí wọ́n ń tọ́jú ẹran ìgbẹ́ sí, irú ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Ọmọ náà ní, "Kìnnìún ni." Mo ní kó fi kìnnìún síbẹ̀ kó kà á padà: omi gbé ejò àti kìnnìún wọ àdúgbò. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹran inú omi ni yóò jẹ́, Àǹtí. Ọ̀nì." Ọ̀nì ni lóòótọ́, àmọ́ mo sọ fún un pé ká ní ó kọ "ẹranko kan tó léwu" tó sì kọjá, kò pàdánù nǹkan kan nínú ìròyìn náà. Àyíká ọ̀rọ̀ kì í fìgbà gbogbo fúnni lórúkọ, nígbà míì irú ohun tó jẹ́ nìkan ló ń fúnni.

Bí a ṣe dán kìnnìún wò yẹn ni kí ẹ ṣe sí gbogbo ohun tí ẹ bá rò. Ẹ fi ìtumọ̀ yín sínú gbólóhùn náà lédè Yorùbá, kí ẹ ka odindi rẹ̀ sókè. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún yọ níbòmíràn, ẹ fi síbẹ̀ náà. Unguwanni yọ lẹ́ẹ̀mejì níhìn-ín: omi bò wọ́n lókè, ẹranko wọ inú wọn nísàlẹ̀. Ọmọ náà ti kọ "oko" tẹ́lẹ̀. Oko bá ti òkè mu dáadáa, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún ará ìlú nípa ẹranko tó lọ sí oko kò fi bẹ́ẹ̀ nítumọ̀. "Àdúgbò" bá ibi méjèèjì mu.

Gbólóhùn ìkẹyìn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sùúrù kà, torí pé àṣìṣe ibẹ̀ kì í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ba a san adadin mutanen da suka mutu ba. Ẹni tó ń yára á rí san, mọ̀, á rí mutanen da suka mutu, àwọn èèyàn tó kú, á sì sọ fún gbogbo ilé pé wọ́n ti mọ iye òkú. Òdì-kejì rẹ̀ ni wọ́n kọ. Ba méjì ló yí gbólóhùn náà ká, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn. Wọn kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti rí ba kan, ẹ má gba ohunkóhun gbọ́ títí ẹ fi rí èkejì tàbí tí ẹ fi mọ̀ pé kò sí. Sai dai tó ṣáájú ti ń pèsè yín sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, "àmọ́ ṣá" ni, ó ń sọ pé ohun tó ń bọ̀ máa yí ọ̀nà padà.

Àwọn ibì kan wà tí ọ̀nà yìí ti máa ń le. Haúsá tí wọ́n ń kọ nínú ìròyìn kò ní àmì ohùn, bí ti àwọn tó ń kọ Yorùbá láì fi àmì sí i. Ọ̀nì kan ṣoṣo ni kada, "má ṣe" náà sì ni kada. Bí su, ku tàbí a bá tẹ̀ lé e, "má ṣe" ni. Awon gaba ńkọ́? Ẹ lè tú u wò, awo ni òṣùwọ̀n, gaba ni iwájú, kò sì ní yọrí sí nǹkan kan. Àkànlò èdè ni. Ọmọ náà kọ "omi ṣe nǹkan sí ẹranko, wọ́n dé àdúgbò" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àmì ìbéèrè sí i. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dípò atúmọ̀ èdè, ìròyìn kejì la lò fún àyẹ̀wò, lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, láti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Oníròyìn kejì kì í sábà lo ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo nǹkan. Ibi tí èkíní bá ti ṣókùnkùn, èkejì lè tan iná síbẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín, kó má jẹ́ pé ẹ kàn ń rántí.

Kò tó oṣù kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ọ̀ffà. Ó ti rí awon gaba níbòmíràn: 'Yan bindiga sun yi awon gaba da shanu. Àwọn oníbọn ti ṣe nǹkan sí màlúù. Ó ní, "Àǹtí, omi ṣe é sí ejò, oníbọn ṣe é sí màlúù. Ṣé kó lọ ni?" Mo bi í bóyá ó ti fi síbi méjèèjì kó kà á sókè. Ó ní òun ti kà á, òun sì ti pa àmì ìbéèrè yẹn rẹ́.